Kẹ̀kẹ́, òkúta gbígbóná àti abẹ̀bẹ̀ kan: bí mo ṣe rí Anurádapúrà

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ èyí, ẹsẹ̀ ni mo ń tọ́jú. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ló jó ní Síríláńkà, torí ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni mo lọ wò, bàtà ò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo àgbàlá, aago méjìlá ọ̀sán gan-an ni èmi náà wá lọ dé bíi pé wọn ò kọ́ mi nílé. Àwọn onílùú wọ sọ́ọ̀sì. Wọ́n ń rìn gbẹ̀fẹ́, èmi ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ mú sọ́ọ̀sì dání o.

Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, ọjà ló gbé mi dé Kòlóḿbò, mo wá ní kí n fi ọjọ́ méjì ṣe fàájì kí n tó padà. Mo wọ réluwéè lọ sí Anurádapúrà, ìlú ọba wọn àtijọ́, bí ilẹ̀ sì ṣe mọ́ mo gba kẹ̀kẹ́ (Márúwá tiwa náà ni, kò yàtọ̀) lọ sí òkè Mihintále. A dúnàádúrà, ó ní 2,500 rúpì, mo ní ó dáa. Ọkùnrin yìí gbé mi sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè. Àtẹ̀gùn òkúta 1,840! Ìgbà tí mo gun dé àárín, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni mo rí i pé mọ́tò lè gun apá kan òkè yẹn. Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Lórí òkè yìí ni ìtàn wọn ní ọ̀rọ̀ Búdà ti wọ erékùṣù Síríláńkà, ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń mú àlejò káàkiri ló sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ọba Tísà tiwọn ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, ló bá bá mọ́ńkì kan, ẹni tó fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn Búdà, pàdé lórí òkè, Mahíńdà ni orúkọ ẹ̀, ọmọ Áṣókà ọba Íńdíà sì ni. Mahíńdà ò wàásù o. Ó kọ́kọ́ dán ọba wò ná. Ó ní, igi wo nìyí? Ọba ní máńgòrò ni. Ṣé máńgòrò mìíràn wà? Ó pọ̀. Ṣé igi mìíràn wà yàtọ̀ sí gbogbo máńgòrò? Ó pọ̀. Tó o bá wá yọ gbogbo máńgòrò yòókù àti gbogbo igi mìíràn kúrò ńkọ́? Ọba ní ó ku máńgòrò tó wà níwájú wa yìí. Mahíńdà ní, áà, èyí lórí ẹ̀ pé, a lè bá a sọ̀rọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo bi bàbá pé kí ló mú kí ọba fetí sí àlejò tí kò mọ̀ rí. Ó ní àwọn ọba méjèèjì ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ tipẹ́ láì fojú kan ara wọn, Tísà ti kó òkúta iyebíye àti péálì ránṣẹ́ sí Áṣókà, Áṣókà náà sì ti kó ẹ̀bùn padà. Ṣé ẹ rí i? Ẹrù ti kọ́kọ́ la ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ tó gbà á. Áṣókà náà kì í sì í ṣe ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ látilẹ̀. Ó gbógun ti Kàlíńgà, ilẹ̀ kan ní Íńdíà, ní nǹkan bí 261 ṣáájú ìbí Jésù, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n fín in sára àpáta pé 100,000 èèyàn kú, wọ́n sì kó 150,000 kúrò nílé wọn, ó dun òun, ẹ̀kọ́ lòun á máa fi ṣẹ́gun báyìí.

Tísà fún Mahíńdà ní ọgbà ọba nítòsí ìlú, ibẹ̀ ni ilé àwọn mọ́ńkì àkọ́kọ́ wà. Sàǹgamítà, àbúrò Mahíńdà obìnrin, ló wá gbé ẹ̀ka igi tí Búdà jókòó sábẹ́ ẹ̀ wọkọ̀ ojú omi wá. Igi náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n fi irin gbé àwọn ẹ̀ka ẹ̀ ró bí ọ̀pá arúgbó, mọ̀lẹ́bí igi ọ̀dán tiwa sì ni. Abẹ́ ẹ̀ nìkan ni ibi tútù lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó pẹ́.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ní Mihintále ni yàrá oúnjẹ àwọn mọ́ńkì. Ọpọ́n òkúta gígùn, ẹ lè gbé ọmọ méjì wẹ̀ nínú ẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n máa ń dà sí i. Mọ́ńkì kì í dáko, ẹni tó bá ń bọ́ ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ oko àti omi, ọba ló sì ń fún wọn. Òkúta ńlá méjì wà nítòsí, ọba kan kọ iye ìrẹsì àti ilẹ̀ tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Mo ní, ìwé owó oṣù rèé!

Kí n tó gbàgbé: nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbé mi padà dé ìlú, ọkùnrin yẹn ní 6,000 ni. Ó ní àlọ nìkan ni 2,500, pé òun dúró dè mí. Mo pariwo títí, mo fi Yorùbá bú u nígbà tí gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu mi, mo san 4,000. Inú bí mi débi pé mo ní gbogbo oníṣòwò ìlú yìí, olè ni wọ́n.

Abáyàgírì, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan ní Anurádapúrà, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Bàbá yẹn náà ló sọ ìtàn Fásíẹ̀n fún mi níbẹ̀. Mọ́ńkì ará Ṣáínà ni, ó kúrò nílé lọ́dún 399 lẹ́yìn ìbí Jésù, ó ń wá ìwé òfin àwọn mọ́ńkì, ìgbà tó fi dé ibẹ̀ àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ jáde ti kú, àwọn mìíràn ti padà tàbí kí wọ́n dúró sọ́nà. Lọ́jọ́ kan ó rí oníṣòwò tó gbé abẹ̀bẹ̀ sílíkì funfun kan, ti Ṣáínà, síwájú ère Búdà. Ó rí abẹ̀bẹ̀ ilé, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè, ẹ mọ ẹkún yẹn.

Ọkọ̀ oníṣòwò ló wọ̀ padà, èèyàn tó lé ní 200. Ìjì jà, omi wọlé, wọ́n ń da ẹrù sókun, òun náà ju ìkòkò omi ẹ̀ dànù, ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà á ni kí wọ́n má lọ da ìwé ẹ̀ sí i. Ó bọ́ nínú ìyẹn, ó wọ ọkọ̀ kejì, ìjì tún jà. Àwọn èrò kan ní mọ́ńkì yìí ló mú oríburúkú wá, ẹ jẹ́ ká já a sílẹ̀ ní erékùṣù. Oníṣòwò tó gbà á sọ́dọ̀ ló dáhùn pé, ẹ já èmi náà sílẹ̀ nìyẹn, tàbí kẹ́ ẹ pa mí, torí tí mo bá délé màá fẹjọ́ yín sun ọba, ọba wa sì ń bọ̀wọ̀ fún mọ́ńkì. Gbogbo wọn dákẹ́. Bí ìwé ṣe dé Ṣáínà nìyẹn: oníṣòwò gbé e, orúkọ ọba ló sì gbà á là.

Mi ò torí ẹ̀ dárí ji oníkẹ̀kẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde, ooru mú, obìnrin kan ń ta abẹ̀bẹ̀, mo ra ọ̀kan ní 800 rúpì láì dúnàádúrà. Mo yí i padà, wọ́n kọ Ṣáínà sí ìdí ẹ̀. Kò tíì dé ibùdókọ̀ réluwéè tí ọwọ́ ẹ̀ fi kán.