Ọjà Pé, Èrè Ò Pé: Ohun Tí Ìwé Owó Kọ́ Mi ní Ìtòkú

Èmi ni mò ń bá Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, kọ ìwé owó. Ní oṣù tí mo fẹ́ sọ yìí, a ti jókòó ṣètò ṣáájú: a ó ta 400 ẹyọ, ọ̀pá márùn-ún márùn-ún, ní ₦8,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì ná ₦200,000 lórí ìpolówó. Oṣù parí, mo ro owó ọjà pọ̀, ó jẹ́ ₦3,220,000. Ohun tí a ṣètò fún ni ₦3,200,000. Ìpolówó ní tirẹ̀ gba ₦260,000. Mo ní fún Màmá pé ọjà fi ₦20,000 ju ètò lọ, pé ìpolówó ló kàn fi ₦60,000 lé díẹ̀.

Màmá gbójú sókè. "Ó dáa o. Owó tí mo fẹ́ fi ra aṣọ funfun dà?"

Mi ò rí èsì fún wọn.

Àpapọ̀ ni mo fi wé àpapọ̀, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Iye ẹyọ tí a tà àti iye tí a ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ló para pọ̀ di owó ọjà. Bí ọ̀kan bá gòkè tí èkejì já wálẹ̀, wọ́n á bo ara wọn mọ́lẹ̀, àpapọ̀ á sì dà bíi pé nǹkan ò ṣe é. Mo padà sídìí ìwé rìsíìtì. 460 ẹyọ la tà. Ṣùgbọ́n 230 péré ló lọ ní ₦8,000. ₦6,000 la ta 230 yòókù, torí ẹ̀dínwó tí ọmọ tó ń bá wa polówó lórí Fesibúùkù kéde. Tí a bá pín in dọ́gba, ₦7,000 ni ẹyọ kan.

Mo wá ya ìyàtọ̀ náà sí méjì:

```
iye ẹyọ:  (460 - 400) x 8,000   = +480,000
iye owó:  (7,000 - 8,000) x 460 = -460,000
```

Ẹ kíyè sí i pé owó inú ètò ni mo fi sọ 60 tó lé di púpọ̀, tí mo sì fi 460 tí a tà gan-an ṣírò ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá lo 400 ní ìlà kejì, ₦80,000 ni yóò rí dípò ₦20,000, ₦60,000 á wá máa rìn kiri láìní olówó. Bí ìlà méjèèjì ò bá pa pọ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ tún un ṣe.

₦5,500 ni aṣọ, aró àti owó iṣẹ́ ń gbà lórí ẹyọ kan. Nítorí náà, èrè tó yẹ kó jẹ́ ₦2,500 ti di ₦500 lórí gbogbo ẹyọ ẹ̀dínwó. 230 ẹyọ yẹn mú ₦115,000 wá, bẹ́ẹ̀ ìpolówó Fesibúùkù tó pè wọ́n wá jẹ ₦200,000. ₦80,000 la ṣètò fún un. Ọmọ náà ń fi owó kún un torí pé ìpè ń wọlé. Ta ni kò ní inú dídùn sí ìpè?

Mo fi nọ́ńbà fóònù àwọn tó ra ti ẹ̀dínwó wé ìwé oníbàárà wa. 150 ẹyọ ló lọ sọ́wọ́ àwọn tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Mi ò lè búra pé gbogbo wọn ni ìbá ra á ní ₦8,000 lóṣù yẹn, àmọ́ ó jọ pé a kàn sọ ọjà di ọ̀pọ̀ fún oníbàárà ara wa ni.

Ó tún ku rédíò. ₦120,000 la ṣètò fún un, ₦60,000 la san, mo sì rò pé a ti rí owó fi pa mọ́. Nígbà tí mo wo ìwé ọjọ́ tí ìpolówó jáde, gbogbo rẹ̀ ti jáde pé. Ìdajì owó náà ni wọn ò tíì mú ìwé rẹ̀ wá. Gbèsè ni, kì í ṣe àjẹṣẹ́kù. Iye tí ìpolówó gbà gan-an wá di ₦320,000.

Nígbà tí mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦370,000 ló kù fún èrè, dípò ₦800,000 tí a ṣètò fún. ₦310,000 lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dínwó lẹ́yìn tí a yọ èrè 60 ẹyọ tó lé. Ìpolówó gbé ₦120,000.

Mo kó o lọ bá Màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀dínwó má parẹ́, kí á kàn máa wo ìwé oníbàárà kí á tó fún èèyàn. "Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, ₦8,000 rẹ̀ dà?"