Ọjọ́ tí àyè bá tán ni mo fi ń to ìkéde

Èmi ni mo ń to ìwé ìkéde ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ìjọ wa. Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìkéde tí ayẹyẹ rẹ̀ sún mọ́ jù ló yẹ kó ṣíwájú. Èyí tí àyè rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán ni.

Ká ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù, la ó ka ìwé náà. Ìpàdé àwọn òbí wà ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá. Ìrìn-àjò àwọn ọ̀dọ́ di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá, ni orúkọ gbígbà parí. Ìrìn-àjò ni mo máa fi ṣáájú, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ lónìí ti pàdánù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè borí rẹ̀: àyípadà sí ohun tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi kí ibi ìpàdé yí padà. Ní ti ìdúpẹ́ ìdílé, inú ìwé nìkan ló ń wà, a kì í kà á sókè.

Àwọn àgbà kan máa ń fẹ́ kí tiwọn ṣíwájú. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń béèrè pé, “Bàbá, ọjọ́ wo ni àyè rẹ̀ máa tán?” Wọ́n á fúnra wọn rí i pé ó ṣì lè dúró.

Báyìí ni ìkéde ìrìn-àjò ṣe dé ọwọ́ mi: “A fẹ́ fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ti ṣètò ìrìn-àjò kan tí yóò wáyé ní 21 oṣù yìí, tí ọkọ̀ yóò sì gbéra ní aago méje, kí àwọn tó bá fẹ́ lọ sì fi orúkọ sílẹ̀ títí di ọ̀túnla.” Mo sọ ọ́ di:

“Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ bá wa rìnrìn-àjò, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá, ló parí. Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún.”

Ẹni tó kàn ló ṣíwájú, kó lè tètè ta etí. “Ọ̀túnla” ti kúrò, torí ẹni tó bá ka ìwé náà nílé lọ́jọ́ Ajé á kà á sí Ọjọ́rú. Mo tún kọ ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀: bí àpẹẹrẹ, ẹni tó bá rí 17 níwájú èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ mẹ́ta kúrò nínú ogún kó tó lè sọ kẹtàdínlógún, ibẹ̀ lahọ́n sì ti máa ń kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo máa ń fún ẹni tí kò rí i rí pé kó kà á sókè. Ibi tó bá ti mí láàárín gbólóhùn, ibẹ̀ ni mo ń gé e sí.