Àpótí òfìfo kì í ṣe òdo o: ohun tí fọ́múlà fojú mi rí

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ máa ń jókòó ti Excel títí ilẹ̀ á fi ṣú lásìkò èsì, ẹ jẹ́ n sọ èyí kí inú mi fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí náà ló ṣẹlẹ̀, ojú ṣì ń tì mí.

Ìyá ọmọ kan ló wá bá mi lẹ́yìn tá a pín èsì. Kò pariwo o, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ṣí báàgì ẹ̀, ó to ìwé tẹ́ẹ̀sì ọmọ ẹ̀ sórí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan: 72, 68, 76. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, èyí tó kéré jù níbẹ̀ 68 ni, báwo ni ìpíndọ́gba ẹ̀ ṣe wá di 54?" Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní mà, kọ̀ǹpútà ló ṣírò ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè ṣì í. Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀! Obìnrin náà yọ fóònù, ó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lójú mi, 216, ó pín in sí mẹ́ta, 72. Ó tún pín in sí mẹ́rin, 54 jáde. Ó kàn ń wò mí ni. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ẹ̀, ó ń wo bàtà ara ẹ̀, torí 60 ni wọ́n fi ń wọ kíláàsì tó ń lọ, wọ́n sì ti sọ fún un pé kò wọlé. Tẹ́ẹ̀sì kẹta ni kò ṣe, ara ẹ̀ ò yá, ìwé dókítà wà nínú fáìlì mi, èmi fúnra mi ni mo fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kó má bàa pa á lára.

Ẹ má sọ pé mi ò mọ fọ́múlà o. Mo mọ̀ pé AVERAGE máa ń fo àpótí òfìfo, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lo =(B2+C2+D2+E2)/4, torí ìyẹn á ka òfìfo sí òdo kíá. Ṣùgbọ́n Sheet1 ni mo ń tẹ máàkì sí, ṣíìtì kejì ni káàdì èsì wà, ó ń fi =Sheet1!B2 fa máàkì wá. Àṣé tí ibi tó ń fà á bá ṣófo, òdo ni Excel máa gbé wá! Nígbà tí AVERAGE fi dé ibẹ̀, kò rí òfìfo tó máa fò mọ́, òdo gidi ló bá, ó kà á mọ́ ọn.

Èyí tó wá burú jù, ọwọ́ ara mi ni mo fi bo òdo yẹn mọ́lẹ̀. Mo ti lọ sí Options tipẹ́, mo yọ àmì kúrò lára Show a zero in cells that have zero value, torí òdo kún ṣíìtì mi, kò wuyì. Nítorí náà ibẹ̀ ṣófo lójú mi, òdo ló sì wà níbẹ̀.

Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ 11 nínú 38 ni èsì wọn yí padà, mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ohun tí mo fi tún un ṣe rèé:

```
=IF(Sheet1!B2="","",Sheet1!B2)
```

AVERAGE á fo ìyẹn. Ẹni tó bá ṣì ń fi + ro ó, #VALUE! ló máa rí, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ ju irọ́ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù: ìpíndọ́gba ò lè kéré ju máàkì tó kéré jù lọ. Ẹ fi =MIN(Sheet1!B2:E2) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lórí Sheet1 tẹ́ ẹ ti tẹ máàkì o, kì í ṣe lórí káàdì, torí tí fọ́múlà àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, òdo ni MIN náà máa mú. Tí mo bá ti rí 54 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 68 ni, ǹ bá ti mọ̀ kí ìyá yẹn tó kúrò nílé. Ká ní mo ti ṣe é!

Ẹ sì jẹ́ kí òdo máa hàn, kò wuyì, kó má wuyì.

Ẹnì kan ní kí n kúkú ti kọ òdo síbi gbogbo tó ṣófo. Rárá o. Òdo, ọmọ tó jókòó tí ò gba nǹkan kan ni, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé fọ́múlà tuntun náà ní tiẹ̀: ọmọ kan tó ń sá níléèwé, tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló ṣe, ó gba 90, ó bá di ẹni kìíní ní kíláàsì. Mo wá fi =COUNT(B2:E2) kún un kí n máa rí iye tẹ́ẹ̀sì tí kálukú ṣe, ẹni tí tiẹ̀ ò bá pé mẹ́rin, ojú mi ni mo fi ń wò ó.

Ọmọ tọ́jọ́sí wọ kíláàsì ẹ̀ lánàá. Kò tíì kí mi.