Kẹ́ ẹ tó yan pólínómíà fún bọ́ndárì léyà, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tí ògiri ń sọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fúlúìdì mẹkáníìsì, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Àwọn àbúrò tá a jọ máa ń jókòó ṣe ìṣirò bọ́ndárì léyà, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ògiri tí fíríṣọ̀n ń dín eré ẹ̀ kù, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń há sí. Wọ́n á kọ ìdọ́gba von Kármán sílẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá mú pólínómíà tó bá ṣáà ti kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn, wọ́n á ní ṣebí a kàn ń fojú bù ú ni. Lóòótọ́ a ń fojú bù ú, àmọ́ fífojú bù ú yẹn ní ìlànà, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú páálí pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá lórí ẹ̀ ní eré U tí kì í yí padà. Ní 1921, von Kármán gbé ìdọ́gba ẹ̀ jáde, Pohlhausen náà sì fi pólínómíà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Fún páálí pẹlẹbẹ, gbogbo ẹ̀ ò ju èyí lọ:

τw / (ρU²) = dθ/dx

Ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé fíríṣọ̀n tó wà lára ògiri níbì kan (τw) ló ń sọ bí mòmẹ́ńtọ̀mù tí afẹ́fẹ́ ti pàdánù (òun ni θ dúró fún) ṣe ń pọ̀ sí i bá a ṣe ń lọ síwájú. Kò béèrè bí eré ṣe rí ní gbogbo ibi pátá, àròpọ̀ ẹ̀ ló ń wá, ìdí nìyẹn tá a fi lè fi pólínómíà rọ́pò ẹ̀. A ó ní u/U = f(η), níbi tí u jẹ́ eré afẹ́fẹ́ ní jíjìnnà y sí ògiri, η = y/δ, δ sì ni nínípọn bọ́ndárì léyà.

Wàyí o, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan pólínómíà kankan nìyí. Lára ògiri, afẹ́fẹ́ ò rìn rárá, torí náà f(0) = 0. Lókè, eré ti di U, f(1) = 1, ó sì gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀ wẹ́rẹ́ láìṣẹ́ lójijì, f'(1) = 0. Mẹ́ta yìí, gbogbo èèyàn ló ń rántí wọn. Ìkẹrin ni wọ́n máa ń fò. Tẹ́ ẹ bá fi y = 0 sínú ìdọ́gba mòmẹ́ńtọ̀mù fúnra ẹ̀, gbogbo nǹkan tó ní u àti v á di òdo, nǹkan tó kù kò ju pírẹ́ṣọ̀ àti fìsikósítì lọ. Lórí páálí pẹlẹbẹ pírẹ́ṣọ̀ ò yí padà, nítorí náà f''(0) = 0: ìlà eré gbọ́dọ̀ gbéra lára ògiri ní títọ́, kó máà tíì tẹ̀.

Pẹ̀lú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kúbíìkì f = a + bη + cη² + dη³ ò ní ibi tó máa sá sí mọ́. a = 0, c = 0, b + d = 1, b + 3d = 0, ó bá di:

f = (3/2)η − (1/2)η³

Tẹ́ ẹ bá ṣe íńtígírà f(1 − f) láti 0 dé 1, 39/280 lẹ máa rí, ìyẹn ni pé θ = (39/280)δ. Fíríṣọ̀n lára ògiri jẹ́ (3/2)μU/δ. Ẹ fi méjèèjì sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́, á di δ dδ = (140/13)(ν/U) dx, ẹ ṣe íńtígírà láti ẹnu páálí níbi tí δ ti jẹ́ òdo, ẹ ó rí δ/x = 4.64/√Re àti cf = 0.646/√Re, tí Re = Ux/ν, tí cf sì jẹ́ 2τw/(ρU²). Ìdáhùn tí Blasius rí láìfojú bu prófáìlì kankan jẹ́ 0.664/√Re. Àṣìṣe wa ò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú ìṣirò tí kò kún ojú ìwé kan!

Ẹ wá wo pàrábólà, f = 2η − η², tí ọ̀pọ̀ máa ń mú torí ó rọrùn. Ó gbọ́ràn sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́nu, àmọ́ f'' ẹ̀ jẹ́ −2 lára ògiri, ó ti tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí cf ẹ̀ di 0.730/√Re, àṣìṣe ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Pohlhausen fi ìkàrún-ún kún un, f''(1) = 0, ó rí kọ́tíìkì f = 2η − 2η³ + η⁴, tó ń fún wa ní 0.685. Ẹ wò ó dáadáa: pólínómíà tó ga jù yẹn ò sún mọ́ Blasius ju kúbíìkì lọ lórí páálí yìí, ó tiẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí i. Fífi ìlànà kún un lókè lọ́hùn-ún kò ní kí fíríṣọ̀n nísàlẹ̀ dára sí i, torí ìdí èyí mi ò kí ń gbà pé kẹ́ ẹ ṣáà máa gbé pówà ga.

Kí ló dé tí ọ̀nà yìí fi ń dárí jini tó bẹ́ẹ̀? Ẹ pe θ/δ ní α, kẹ́ ẹ pe f'(0) ní β. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò náà láìfi nọ́ńbà sí i, cf√Re á jẹ́ √(2αβ). δ ti jáde pátápátá, àṣìṣe tó bá sì wà nínú αβ, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló máa dé inú cf. Fún ìdí èyí ẹ má fi δ wé δ. Pàrábólà sọ pé δ√Re/x jẹ́ 5.48, kọ́tíìkì sọ pé 5.84, kúbíìkì ní 4.64, kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fi dá wọn lẹ́jọ́, torí kálukú ló mú ibi tó wù ú pè ní òpin bọ́ndárì léyà. cf tàbí θ ni kẹ́ ẹ fi wéra. Ẹ sì ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: lórí páálí pẹlẹbẹ, θ/x gbọ́dọ̀ bá cf dọ́gba gẹ́lẹ́. Fún kúbíìkì, α tó jẹ́ 0.1393 lọ́nà 4.641 jẹ́ 0.646, ó ṣe wẹ́kú. Tí tiyín ò bá dọ́gba, ẹ padà sínú íńtígírà yín, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Afẹ́fẹ́ ń lọ ní 5 m/s, ν jẹ́ 1.5 × 10⁻⁵ m²/s, páálí gùn ní 0.6 m, ó fẹ̀ ní 0.3 m. Re níparí ẹ̀ á jẹ́ 200,000, kò tíì dàrú, a ṣì lè lo ọ̀nà yìí. δ á jẹ́ 6.2 mílímítà. Àpapọ̀ fíríṣọ̀n ojú kan, tá a bá ní ρ jẹ́ 1.2, á jẹ́ nǹkan bíi 0.0078 N, tí kúbíìkì bá fi ń tàn wá, díẹ̀ báyìí ni.

Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ìgbà tí pírẹ́ṣọ̀ bá ń yí padà. Nígbà yẹn f''(0) kì í ṣe òdo mọ́, ó ti di −Λ, tí Λ = (δ²/ν) dU/dx, ibí yìí sì ni kọ́tíìkì Pohlhausen wúlò jù. Níbi tí eré ti ń pọ̀ sí i, ó ń ṣe dáadáa, àyàfi tí Λ bá kọjá 12, nígbà yẹn f á ju 1 lọ kó tó dé òkè, kò sì bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ níbi tí eré ti ń dín kù, ó máa ń pẹ́ jù kó tó sọ pé afẹ́fẹ́ ti ya kúrò lára ògiri, torí kò ní gbà bẹ́ẹ̀ títí Λ á fi dé −12. Tí U = U₀(1 − x/L), ìyapa gan-an wà ní x/L = 0.120, Pohlhausen á sì fún yín ní 0.156. Tó bá ti jẹ́ ìyapa lẹ ń wá, ọ̀nà Thwaites ti 1949 ni kẹ́ ẹ lò, 0.123 ló ń fúnni, íńtígírà kan ṣoṣo sì ni, kò sí pólínómíà tẹ́ ẹ máa yàn.