Kọ́ńfọ́ì ONS 5 lórí pátákó: ibi tí iṣẹ́ dé

Mo ti gbẹ́ gbogbo ọkọ̀ ajé tán. Wọ́n ti gba ọ̀dà eérú, ó ti gbẹ, ó kù kí kálukú wọn dúró sí àyè rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì bá wa bọ̀: kọ́ńfọ́ì ONS 5 ni mo ń gbẹ́ ní kékeré sórí pátákó, ìyẹn ọ̀wọ́ ọkọ̀ ajé tó lé ní ogójì, tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì nígbà ogun àgbáyé kejì, tó kúrò ní Liverpool ní oṣù kẹrin ọdún 1943, tó forí lé Halifax ní Kánádà. Àwọn ọkọ̀ tó ń rọra rìn ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò rù ju iyanrìn àti òkúta tó mú wọn dúró lórí omi, torí wọ́n ń lọ kẹ́rù bọ̀ ni.

Ìtò wọn

Ìwọ̀n 1:6000 ni mo lò. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 130 di sẹ̀ńtímítà méjì lé díẹ̀. Àlàfo láàárín ìlà kan sí ìkejì jẹ́ bíi mítà 900, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 15 lórí pátákó. Àwọn tó tẹ̀lé ara wọn nínú ìlà kan sún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fi sẹ̀ńtímítà 8 sáàárín wọn. Mo fi ìlà 10 ṣe ìṣirò, ọkọ̀ 4 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣẹ́kù yóò wọ àwọn ìlà àárín. Ohun tó jáde fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 135, kò sì jìn ju 24 lọ.

Ó fẹ̀ nítorí ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ abẹ́ omi ti máa ń fẹ́ ta tọpído, ohun ìjà tó ń gba inú omi lọ bá ọkọ̀, níbi tí ọkọ̀ ti na gbogbo gígùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí a bá tò wọ́n báyìí, ọkọ̀ 4 péré ló wà ní ìta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Òwú àyíká

Mo fi òwú yí gbogbo ìtò náà ká, ó gba sẹ̀ńtímítà 318. Lẹ́yìn náà mo fi ìlọ́po méjì ọkọ̀ ṣe é, 8 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Òwú náà di 382 péré. Ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, àyíká tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ máa ṣọ́ kò fi ju bíi ìdá kan nínú márùn-ún lọ gùn sí i. Ohun tí onímọ̀ físíìsì Patrick Blackett àti àwọn onímọ̀ ìṣirò tó bá a ṣiṣẹ́ fi yé àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1943 nìyẹn: kí wọ́n jẹ́ kí kọ́ńfọ́ì tóbi sí i.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti kọ́ wọn ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917 ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì pa ọkọ̀ ajé jù. Àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ tó pọ̀ lójú kan yóò rọrùn láti rí. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n fi kọ́ńfọ́ì kan láti Gibraltar dán an wò, ó gúnlẹ̀ láìsí wàhálà. Òkun fẹ̀ jù fún ẹ̀rù wọn: ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ hàn jìnnà ju ọkọ̀ kan lọ, nígbà tí ogójì ọkọ̀ tó tú ká ń fún ọ̀tá ní àǹfààní ogójì.

Pink

Ibi tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni igun ọ̀tún. Ìjì ti tú ONS 5 ká, Duncan, ọkọ̀ Peter Gretton tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, kò sì rí epo gbà nínú ìgbì, ó ní láti lọ ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún. Robert Sherwood nínú ọkọ̀ Tay gba ipò rẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kékeré tó ń jẹ́ Pink ló ń kó àwọn tó sẹ́yìn bọ̀. Ó rí ọkọ̀ abẹ́ omi, ó sì lé e. Bó ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣọ́, òmíràn, U-584, ta West Madaket. Mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín Pink àti àwọn yòókù kí ẹni tó ń wò ó lè rí ohun tí ọ̀gá Pink fi wéwu: bó bá dúró, ọ̀tá á lọ, bó bá lọ, ẹ̀ṣọ́ tán.

Kùrukùru

Òwú funfun tí mo fi ṣe kùrukùru kò dára tó, mo ti tú u, mo ń fẹ́ kí ó fẹ́lẹ́ sí i. Kùrukùru yìí ló yí ọ̀rọ̀ padà ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún. Ọkọ̀ abẹ́ omi bíi ogójì ti kóra jọ, wọ́n ti rì ọkọ̀ ajé 13, ojú omi ni wọ́n sì máa ń gbà wọlé lóru. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ní rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tí ojú kò rí, èyí tó ń lo ìgbì sẹ̀ńtímítà 10. Ẹ̀rọ Metox tí àwọn ará Jámánì fi ń gbọ́ rédà kò lè gbọ́ ìgbì tó kéré bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọn kò mọ̀ pé ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ti rí wọn. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Loosestrife rì U-638, Vidette rì U-531, Pelican rì U-438. Oribi forí gbá U-125 nínú kùrukùru. Kò sí ọkọ̀ ajé kan tó rì lóru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, Dönitz, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi Jámánì, kó àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi rẹ̀ kúrò ní Àríwá Àtìláńtíìkì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Oribi ni màá gbẹ́, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó ti tẹ̀ níbi tó ti gbá U-125.