Ooru ara lórí oògùn jẹjẹrẹ ọmú: aṣọ, ìwé kékeré mi, àti oògùn tí kò yẹ ká lò pọ̀

Aránṣọ ni mí ní Ẹ̀pẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ayétòrò. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún mi, dókítà ní kí n máa lo támọ́sífẹ́ẹ̀nì, hóró kan lójúmọ́, fún ọdún 5. Oògùn yẹn ló gbé ooru dé. Á dédé gbéra láti àyà, á gun ọrùn dé ojú, òógùn á bò mí, kò ní pẹ́ tí òtútù á tún mú mi. Ẹ̀yin tí nǹkan oṣù yín ń dáwọ́ dúró mọ ohun tí mò ń sọ. Họ́mọ́ọ̀nù ló lágbára jù fún ooru yìí, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, torí ẹ́sítírójìn, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin tó wà nínú rẹ̀, lè jí àrùn náà dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Inú ọpọlọ ni ibi tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná tó wà. Tí ẹ́sítírójìn bá wálẹ̀, tàbí tí oògùn kò jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́, ibẹ̀ kì í lè fara da ìyípadà díẹ̀ mọ́. Ooru tí kò tó nǹkan á mú un bẹ̀rẹ̀ sí í tú òógùn jáde. Kì í ṣe ibà, ẹ má torí ẹ̀ máa gbé oògùn ibà mì. Mo ra tẹmómítà; bí ooru bá dé tí mo fi sí abíyá, kì í dé 38. Bí tiyín bá dé 38, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí òógùn òru bá sì bá ikọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2 rìn, tàbí tí ẹ ń rù, ẹ lọ yẹ ikọ́ ife wò.

Aṣọ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń se obìnrin mọ́ inú léèsì kì í sábà jẹ́ léèsì fúnra rẹ̀, láíníìnì abẹ́ rẹ̀ ni. Poliẹ́sítà kì í mu òógùn, ṣe ló ń sé e mọ́ ara. Òwú ni kí ẹ béèrè. Bí ontà bá ní òwú ni, ẹ yọ fọ́nrán kan nínú aṣọ náà kí ẹ fi iná sí i: òwú á jó bíi bébà, á di eérú, poliẹ́sítà á yọ́, á ká jọ di hóró líle. Aṣọ òwú tín-ínrín tí kò lápá ni mo máa ń kọ́kọ́ wọ̀, mo wá ń wọ bùbá tó ṣí níwájú tó sì ní bọ́tìnì lé e, torí bí ooru bá dé láàárín àwùjọ, ohun tí mo lè tú láì dìde ló wúlò fún mi. Síìpù ẹ̀yìn kò lè ṣe ìyẹn. Lóde, mo fi gèlè líle sílẹ̀, mo sì máa ń mú ìpèlé dání fún òtútù tó ń tẹ̀ lé e. Lálẹ́, aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló dára ju búláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ.

Mo tún fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ooru bá ti dé, mo kọ aago, ohun tí mò ń ṣe ṣáájú, àti bó ṣe le tó, láti 1 dé 3. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé kí n pa ata tì. Ìwé mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ lílọ̀ ló ń gba 3 jù lọ, ẹ̀kọ gbígbóná àti tíì ló tẹ̀ lé e, ata kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Mo wá ń lọ aṣọ ní ìdájí lẹ́nu ọ̀nà, mò ń jẹ́ kí ẹ̀kọ tutù, mo sì ń jẹ ata mi. Tiyín lè jẹ́ ata, tàbí ọtí, tàbí àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, èyí tí mo rí i pé ó máa ń dé bá àwọn kan nínú wa ní kíláàsì tí àwa tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ti ń pàdé.

Àmọ́ gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù ní Àríwá Amẹ́ríkà gbé àbá jáde lórí ọ̀nà tí kì í ṣe họ́mọ́ọ̀nù. Wọn kò ka fífi nǹkan tu ara àti yíyẹra fún ohun tó ń ta ooru jí mọ́ èyí tí ẹ̀rí fi hàn pé ó ń dín in kù. Èmi ṣì ń ṣe é, torí ó ń tù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí oorun ti kọ̀ mí sílẹ̀, mo mọ̀ pé oògùn ló kù.

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Dókítà kan tí kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ mi kọ párọ́sítíìnì fún mi. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì ń dín ooru kù lóòótọ́: 7.5 mílígíráàmù rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ooru yìí lọ́dún 2013. Mo mú ìwé náà dé ilé oògùn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ béèrè pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ tún ń lò?” Mo dárúkọ támọ́sífẹ́ẹ̀nì. Ó ní, “Ẹ má tíì gbé èyí mì o, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá dókítà yín sọ̀rọ̀.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Támọ́sífẹ́ẹ̀nì bí a ṣe gbé e mì kò lágbára tó. Ẹ̀dọ̀ ló ń yí i padà sí ẹ́ńdọ́sífẹ́ẹ̀nì, èyí tó ń dojú ìjà kọ jẹjẹrẹ gan-an. Párọ́sítíìnì ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà ṣe ìyípadà yẹn, fulúọ́sítíìnì, tí òun náà jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ooru á lọ, ẹ ó máa dúpẹ́, oògùn jẹjẹrẹ yín kò sì ní máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí fẹnlafásíìnì, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn míì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹ̀dọ̀ lọ́nà. Mo lo 37.5 mílígíráàmù láràárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ó di 75. Èébì gbé mi díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu mi sì ń gbẹ. Kò tó oṣù kan tí ìwé kékeré mi fi yàtọ̀: ooru kò tán, ṣùgbọ́n ó dín tó bí ìdajì, mo sì ń sùn. Ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, nítorí náà wọ́n ń wọn tèmi déédéé. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ tírámádọ́ọ̀lù, ó lè fa gìrì. Ẹ má sì dá a dúró lójijì, torí òòyì á kọ́ yín, ara á sì máa gbọ̀n rìrì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì, òru nìkan ni tirẹ̀ ń dé. Gábápẹ́ntíìnì 300 mílígíráàmù nígbà tó bá fẹ́ sùn ni wọ́n fún un. Kò kan támọ́sífẹ́ẹ̀nì rárá, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni lóòyì, nítorí náà ó máa ń jókòó létí ibùsùn ná kó tó dìde lọ tọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lò ó.

Oògùn tuntun kan wà, fẹsolínẹ́táǹtì, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023. Ibi tó ń ṣọ́ ooru nínú ọpọlọ gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí náà wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn náà. Mo bi dókítà jẹjẹrẹ mi nípa rẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára, nítorí náà kí n dúró sórí èyí tó ń bá mi lára mu. Ó tún ní bí ooru bá tún fẹ́ borí mi, kí n wá bá òun kí n tó fọwọ́ kan támọ́sífẹ́ẹ̀nì, torí òun lè wá ọ̀nà míì. Gbogbo páálí oògùn mi, títí kan ti orí fífọ́, ni mo máa ń kó sínú báàgì kan lọ́jọ́ tí mo bá lọ rí i.