Mi ò lè ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó àgbà fún òun. Owó ilé mi ti fẹ́ tó san, aṣọ, gèlè àti bàtà ò sì kéré. Mi ò kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo lọ bá a nílé kí wọ́n tó ra aṣọ, kó lè tètè rí ẹlòmíì. Mo ní, “Mi ò ní lè ṣe é. Owó ò sí, mi ò sì fẹ́ jẹ gbèsè.” Mi ò sọ pé “màá wò ó”, torí ìyẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ fàro, ó sì dùn mí gan-an. Mo ní màá bá a di ẹrù ìyàwó. Ó ní, “Ìwọ náà lo máa wé gèlè mi o.” Mo gbà.